Àròkọ SS2: báwo ni olobó inú ìtàn kúkúrú ṣe ń jẹ́ kí àyà wa máa já?

Títí_SS2
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Tíṣà Lítíréṣọ̀ wa ní ká kọ àròkọ lórí bí fọ́ṣádówìn, ìyẹn olobó tí òǹkọ̀wé máa ń ta wá ṣáájú, ṣe ń mú kí sọsipẹ́ǹsì, ìyẹn kí àyà wa máa já, pọ̀ nínú ìtàn kúkúrú kan. Ìtàn tí mo mú ni The Monkey's Paw tí W. W. Jacobs kọ, èmi ń pè é ní Ọwọ́ Ọ̀bọ. Mo kọ ojú ewé méjì, tíṣà fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ sí i, wọ́n ní ìtàn ni mò ń sọ, mi ò ṣàlàyé nǹkan kan. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀? Ọjọ́ Ajé ni mo máa fi sílẹ̀.

Kọ́lá_Ìbàdàn
Èyí ò le rárá. Olobó ni kí òǹkọ̀wé sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, ó tán. Wá gbogbo ibi tó ti ṣe bẹ́ẹ̀, kó o kọ wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, ilẹ̀ ti ṣú, iná ń jó nínú ilé, ọwọ́ ọ̀bọ gbígbẹ, nọ́ńbà mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ olobó ni. Tó o bá ti rí mẹ́wàá kọ sílẹ̀, máàkì ẹ ti pé.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àmì ṣeré o. Ìgbà tí bàbá wa fẹ́ lọ sí ìrìn àjò kan, ẹsẹ̀ òsì wọn kọ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá wa ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n mumi ná, wọ́n ò gbọ́, mọ́tò tí wọ́n wọ̀ ò sì dé ibi tó ń lọ. Wọ́n bọ́ níbẹ̀ láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà mo máa ń wo àmì dáadáa. Kí ọmọ yẹn kọ ọ́ síbẹ̀ pé àmì máa ń wà.

BàbáTíṣà
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu bàbá yín mà. Àmì tí ẹ̀ ń sọ yẹn, ẹni tí nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ló ń rí i. Èyí tí Títí ń béèrè yàtọ̀ díẹ̀, àwa tí à ń kàwé ni òǹkọ̀wé ń ta lólobó, àwọn tó wà nínú ìtàn lè má fura, wọ́n tiẹ̀ lè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tí àwa ti ń fura tí àwọn ń rẹ́rìn-ín yẹn gan-an ni àyà wa ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Kọ́lá, ìdajì lo mú. Òjò àti atẹ́gùn tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn kàn ń jẹ́ ká mọ̀ pé inú ilé gbóná, ó tura, ìta sì burú ni. Kò sẹ́ni tó máa kà pé òjò ń rọ̀ tó máa wá bi ara ẹ̀ pé ta ló fẹ́ kú. Olobó tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tó gbé ìbéèrè kan sí ẹ lọ́kàn, tó wá kọ̀ tí ò dá ẹ lóhùn. Tí òǹkọ̀wé bá sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tán pátápátá bó o ṣe sọ yẹn, kí la tún wá ń dúró dè?

Títí, ṣí ìwé ẹ sí ibi tí Sájẹ́ǹtì Morris ti jókòó pẹ̀lú ìdílé White nídìí iná. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti lò nílẹ̀ òkèèrè. Ó mú ọwọ́ ọ̀bọ jáde lápò, ó ní bàbá ẹlẹ́sìn kan ní Íńdíà ló ṣe nǹkan sí i, pé èèyàn mẹ́ta ló lè fi tọrọ ohun tí wọ́n bá fẹ́, kálukú lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá yẹn ṣe é láti fi han aráyé pé àyànmọ́ ló ń darí èèyàn, ẹni tó bá tojú bọ̀ ọ́ máa kábàámọ̀. Herbert, ọmọ ilé, béèrè lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì pé òun náà ńkọ́, ṣé kò tọrọ tiẹ̀ ni. Ó ní òun ti tọrọ, ojú ẹ̀ sì funfun. Ìyá White béèrè bóyá gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹ. Ó ní wọ́n ṣẹ, ife ọtí ń gbá a léyín. Wọ́n tún bi í bóyá ẹlòmíì ti lò ó rí. Ó ní ẹni àkọ́kọ́ tọrọ mẹ́ta, òun ò mọ ohun tó fi méjì àkọ́kọ́ tọrọ, àmọ́ ikú ló fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta tọrọ, bí ọwọ́ náà ṣe dé ọwọ́ òun nìyẹn.

Wá wo ohun tí Jacobs ṣe níbẹ̀. Ó sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé méjì àkọ́kọ́ pa mọ́. Kí ni èèyàn lè tọrọ lẹ́ẹ̀mejì, tó máa rí gbà lóòótọ́, tí ikú á wá dùn mọ́ ọn ju pé kó wà láyé lọ? Sájẹ́ǹtì fúnra ẹ̀ ńkọ́, kí ló tọrọ tí eyín ẹ̀ fi ń gbá ife? A ò mọ̀ títí ìtàn fi parí. Ìbéèrè yẹn làwa gbé dání lọ síwájú, àwọn ará ilé White ò gbé e.

Títí_SS2
Ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé kí n wá kọ ọ́ pé "ọ̀rọ̀ tí Sájẹ́ǹtì sọ yìí jẹ́ olobó fún ikú Herbert"? Bí mo ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

BàbáTíṣà
Ohun tí tíṣà ẹ fi bírò pupa fà nìyẹn o. Ní ojú ewé yẹn, ta ló mọ̀ pé Herbert máa kú? Ìwọ mọ̀ nítorí pé o ti ka ìtàn tán. Ẹni tó ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ ò mọ̀, ẹni yẹn sì ni àyà ń já.

Fi ìwé bo ìyókù ojú ewé náà láti ibi tí Sájẹ́ǹtì ti sọ̀rọ̀ yẹn. Bi ara ẹ pé pẹ̀lú ohun tí mo ti kà dé ibí, kí ni mo mọ̀, kí ni mò ń bẹ̀rù, kí ni mi ò tíì mọ̀? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ló máa wà nínú àròkọ ẹ. Lẹ́yìn náà kó o wá ṣí ìwé, kó o wo bó ṣe pẹ́ tó kí òǹkọ̀wé tó dáhùn, àti ohun tó fi kún àárín.

Ṣẹ́ẹ̀sìBọ́ì
Mò ń dúró kí ẹnì kan mẹ́nu ba ṣẹ́ẹ̀sì, kò sẹ́ni tó sọ ọ́! Kí Sájẹ́ǹtì tó dé rárá, bàbá àti ọmọ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ní ọba bàbá ni bàbá fúnra ẹ̀ ń tì sínú ewu tí ò pọn dandan, débi pé ìyá arúgbó tó ń hunṣọ nídìí iná gan-an sọ̀rọ̀ sí i. Ó tún wá rí i pé òun ti ta ayò kan tó máa pa òun, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ló bá ní kí ọmọ òun gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́, kí ọmọ má bàa rí i. Gbogbo ìtàn ló wà nínú ìlà méjì yẹn! Bàbá tó ń fi ohun tó ṣe iyebíye sínú ewu láìnídìí, tó rí àṣìṣe ẹ̀ lẹ́yìn tó ti bọ́. Èmi tí mò ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, mo kà á, ara mi bù máṣọ. Títí, èyí ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, má gbọ́ ti ẹlòmíì.

BàbáTíṣà
Bọ́ì, o rí nǹkan gidi, mi ò ní bá ẹ jiyàn lórí pé Jacobs mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Ìbéèrè Títí ńkọ́? Wọ́n ní kó ṣàlàyé bí olobó ṣe ń mú sọsipẹ́ǹsì pọ̀. Nígbà tó o ka ti ṣẹ́ẹ̀sì yẹn lákọ̀ọ́kọ́, kí lò ń bẹ̀rù? Bàbá tí ò mọ ayò ta dáadáa ló wà níwájú ẹ, ó tiẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Ìgbà tó o padà kà á lẹ́ẹ̀kejì ni ara ẹ tó bù máṣọ. Olobó ni lóòótọ́, àmọ́ olobó tó ń dùn lẹ́yìn tí a ti ka ìtàn tán ni. Ti Sájẹ́ǹtì, lójú ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ṣẹ́ẹ̀sìBọ́ì
Mi ò gbà sà, ẹ má bínú. Kì í ṣe gbogbo ìbẹ̀rù ni èèyàn máa ń mọ orúkọ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí "ewu" àti "ayò tó máa pani" ti wọ inú ẹni tó ń kà á, kódà kó máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì bá dé, ilẹ̀ ti rọ̀, èèyàn á ti fẹ́ fura sí bàbá yẹn pé kì í ronú kó tó ṣe nǹkan.

BàbáTíṣà
Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Fi ẹ̀rí gbè é lẹ́yìn nínú àròkọ, ẹni tó ń máàkì á fún ẹ ní nǹkan.

Adéwálé Àlọ́
Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé kì í ṣe àlọ́ Ìjàpá àti babaláwo nìyí? Babaláwo ní àsèjẹ ìyàwó ni, kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Bá a ṣe gbọ́ "kò gbọ́dọ̀" báyìí, gbogbo wa tá a jókòó sílẹ̀ ti mọ̀ pé Ìjàpá máa tọ́ ọ wò. À ń dúró dè é ni. Olobó náà kọ́ nìyẹn?

BàbáTíṣà
Òun náà ni, o ṣeun. Ìkìlọ̀ ni olobó tó rọrùn jù lọ láti fi sínú ìtàn. Àmọ́ wo ìyàtọ̀ ẹ̀. Nínú àlọ́ Ìjàpá, a mọ ohun tó máa ṣe, a sì mọ irú ẹni tó jẹ́, ẹ̀rín la fi ń dúró. Ìyà tó máa jẹ ẹ́ ò jìnnà sí ohun tó ṣe. Nínú Ọwọ́ Ọ̀bọ, Ọ̀gbẹ́ni White kì í ṣe olójúkòkòrò rárá. Nígbà tí wọ́n ní kó tọrọ nǹkan, ó ní òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ tọrọ, pé ó jọ pé òun ní gbogbo ohun tí òun nílò. Ọmọ ẹ̀ ló ní tó bá san gbèsè ilé tán inú ẹ̀ á dùn, kó tọrọ igba pọ́n-ùn. Bàbá tiẹ̀ ń tijú bó ṣe ń gbé ọwọ́ náà sókè. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn wa má balẹ̀, nítorí pé èèyàn dáadáa tí ò tọrọ ju ohun kékeré ni ìkìlọ̀ yẹn ń lé bọ̀.

Àjíkẹ́ Ìtàn Lórí Fóònù
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gba ibí béèrè tèmi. Mo ń kọ ìtàn orí dé orí lórí Fesibúùkù. Ní orí kìíní mo fi olobó sí i pé ọkọ ìyàwó ò ní padà wálé láti òkun. Ìyá ẹ̀ sunkún nígbà tó ń lọ, ọkọ fi òrùka ẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ajá ń hu, mo fi gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Ní orí kejì àwọn èèyàn ti ń kọ ọ́ sábẹ́ pé "ó ti kú, ẹ sọ fún wa ká lọ sùn." Ó dùn mí. Ṣé kí n yọ gbogbo olobó yẹn kúrò ni?

BàbáTíṣà
Má yọ gbogbo ẹ̀. Ẹkún, òrùka, ajá, ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Kò sí ìkankan tó gbé ìbéèrè tuntun wá. Fi òrùka nìkan sílẹ̀, kí ìyá má sunkún. Àwọn èèyàn á máa bi ara wọn pé ó gbàgbé ẹ̀ ni àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, ìyẹn á gbé wọn dé orí karùn-ún.

Wo bí Jacobs ṣe ṣe tiẹ̀. Láti ìgbà tí Sájẹ́ǹtì ti sọ̀rọ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé nǹkan burúkú ń bọ̀, kò fi í pa mọ́. Ohun tó fi pa mọ́ ni ọ̀nà tó máa gbà wá. Owó ni wọ́n tọrọ, báwo ni owó ṣe fẹ́ pa èèyàn?

Kọ́lá_Ìbàdàn
Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí bàbá tọrọ owó, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ mọ́ o. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn ràn, wọ́n ń jẹun. Ibẹ̀ sú mi díẹ̀, mo fò ó.

BàbáTíṣà
Ibi tó o fò yẹn ni ẹran wà! Ìdúródè ló wà níbẹ̀. Bàbá ti tọrọ igba pọ́n-ùn, ó pariwo pé ọwọ́ náà yí lọ́wọ́ òun bí ejò. Herbert ní òun ò rí owó kankan, pé òun sì lè ta á mọ́ ẹnikẹ́ni pé òun ò ní rí i láéláé. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn wọ yàrá, ọwọ́ ọ̀bọ gbígbẹ tó dọ̀tí wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù bí ohun tí ò já mọ́ nǹkan kan. Herbert tún ń ṣàwàdà pé kí wọ́n má tíì ná nínú owó náà kí òun tó dé, ló bá dìde, ó lọ síbi iṣẹ́.

Tí Jacobs bá ti mú ìròyìn ikú wá lóru ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù á bà wá lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, ó jẹ́ ká fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pẹ̀lú wọn pé yẹ̀yẹ́ ni. Títí, ohun tó o máa ṣàlàyé nìyí: olobó ti wà nílẹ̀, òǹkọ̀wé wá ń sún ìdáhùn síwájú, gbogbo àwàdà tí wọ́n ń ṣe láàárín ibẹ̀ wá ń dún ní ọ̀nà méjì. Lẹ́nu Herbert àwàdà ni, létí wa kì í ṣe àwàdà.

Ọkùnrin kan wá dúró níta. Ó múra dáadáa, fìlà tuntun tó ń dán ló dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dé ẹnu géètì tó tún yí padà, ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó wọlé. Ìyá White rí aṣọ ẹ̀, ọkàn ẹ̀ lọ sórí owó, ó sáré bọ́ épírónì ẹ̀, ó tì í sábẹ́ tìmùtìmù. Àwa ńkọ́? Ọkàn tiwa náà lọ sórí owó, àmọ́ a ti gbọ́ ohun tí Sájẹ́ǹtì sọ. Ọkùnrin náà ò tètè sọ ohun tó bá wá. Ó ní ibi iṣẹ́ Maw and Meggins ni wọ́n ti rán òun. Ó ní ọmọ wọn fara pa gan-an, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìrora kankan. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó tó wá yé e. Ẹ̀rọ ló mú ọmọ náà. Ó ní kọ́ńpìnì ò gbà pé ẹ̀bi wọn ni, àmọ́ wọ́n fẹ́ fún wọn ní nǹkan. Bàbá béèrè pé èló. Igba pọ́n-ùn.

Iye yẹn ni ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn kí ìyá tó figbe ta. Jacobs lè sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. A ti gbọ́ igba pọ́n-ùn yẹn lálẹ́ àná, kò nílò àlàyé kankan mọ́.

Títí_SS2
Sà, ó ti ń yé mi. Mo ti kọ ìpínrọ̀ kan, ẹ bá mi wò ó:

"Nígbà tí Sájẹ́ǹtì sọ pé ikú ni ẹni àkọ́kọ́ fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta tọrọ, Jacobs jẹ́ ká mọ ìparí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà láìsọ ohun tó fà á. Ẹni tó ń kàwé á máa bi ara ẹ̀ pé kí lèèyàn lè rí gbà tó máa jẹ́ kó tọrọ ikú. Ẹ̀rù á wá máa bà á nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni White mú ọwọ́ náà kúrò nínú iná, nítorí pé White ò bi ara ẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Ìtanilólobó yìí jẹ́ kí ìtàn náà dùn gan-an, ó sì jẹ́ kí sọsipẹ́ǹsì pọ̀ gan-an."

BàbáTíṣà
Gbólóhùn mẹ́ta àkọ́kọ́ dára, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó kẹ́yìn ò sọ nǹkan kan, "ó dùn gan-an" lè bá ìtàn èyíkéyìí mu. Pa á rẹ́. Fi ibi tí Jacobs ti jẹ́ ká dúró rọ́pò ẹ̀. O lè sọ pé White tọrọ owó lálẹ́, a ò sì rí èsì ẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, nínú gbogbo àkókò yẹn ìbéèrè Sájẹ́ǹtì ṣì wà lọ́kàn wa. Kó o fi àwàdà Herbert kan síbẹ̀.

Tún fi kún un pé Sájẹ́ǹtì fúnra ẹ̀ ló ju ọwọ́ náà sínú iná. Ẹni tó ti lò ó ló fẹ́ kó jóná, ẹni tí ò tíì lò ó ló yọ ọ́. Sájẹ́ǹtì sọ fún White pé kó jẹ́ kó jóná, pé tó bá mú un, kó má dá òun lẹ́bi.

Ìyá Ìbejì
Háà. Wọ́n kìlọ̀ fún un tán, ó ṣì mú un. Bàbá wa gẹ́lẹ́.

Kọ́lá_Ìbàdàn
Ibi tó dẹ́rù bà mí jù ni ibi tí wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn lóru. Ṣé olobó wà fún ìyẹn náà?

BàbáTíṣà
Ó wà, èmi gbà pé òun ló lágbára jù nínú gbogbo ìtàn náà, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn ọmọ ilé ìwé kì í sábà kọ ọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá rántí lóru pé ó ṣì ku ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n lè tọrọ. Ó ní kí bàbá lọ mú ọwọ́ náà wá, kó tọrọ pé kí ọmọ wọn jí. Bàbá ní ọjọ́ kẹwàá rèé tó ti kú, àti pé, ó fẹ́ sọ nǹkan, ó dákẹ́, ó ní òun ì bá má sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n aṣọ ẹ̀ nìkan ni òun fi dá a mọ̀.

Kò ṣàpèjúwe òkú yẹn. Kò sọ pé orí tàbí ojú báyìí báyìí. Aṣọ ẹ̀ nìkan lòun fi dá a mọ̀, ó tán, àwa la máa fi ọkàn ara wa ya ìyókù. Wọ́n wá tọrọ pé kí ọmọ náà jí. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àbẹ́là jó tán, ó kú. Bàbá padà sórí ibùsùn, ìyá náà tẹ̀ lé e. Ọkàn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. Ni ilẹ̀kùn bá dún, ó rọra dún ni, ó tún dún, ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá dún gbogbo ilé. Ìyá ní Herbert ni, pé òun ti gbàgbé pé máìlì méjì ni ibojì fi jìnnà, ìyẹn ni ò jẹ́ kó tètè dé. Bàbá dì í mú, òun ń jà kó lọ ṣílẹ̀kùn.

Ìyá fẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí, bàbá ò fẹ́. Àwa náà ò fẹ́, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo tí bàbá sọ lójú ewé tó ṣáájú. Tí Jacobs bá yọ gbólóhùn aṣọ yẹn kúrò, ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn ló ń kan ilẹ̀kùn, ìdùnnú ló yẹ kó jẹ́! Bí o ṣe lè mọ olobó tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, Títí. Yọ ọ́ kúrò lọ́kàn ẹ, kó o wo bóyá ohun tó tẹ̀ lé e ṣì dẹ́rù bani bó ṣe wà. Yọ òjò kúrò, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Yọ aṣọ kúrò, ilẹ̀kùn yẹn ò bani lẹ́rù mọ́.

Àjíkẹ́ Ìtàn Lórí Fóònù
Yeè. Màá lọ yọ ajá mi.

Ṣẹ́ẹ̀sìBọ́ì
Tí a bá lo òfin yíyọ yẹn, ẹ yọ kíkà ẹ̀ẹ̀mẹta náà wò. Látìgbà tí Sájẹ́ǹtì ti ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ń kà á lọ́kàn. Owó, ọ̀kan. Kí ọmọ jí, méjì. Nígbà tí ilẹ̀kùn ń dún mo mọ̀ pé ó ku ọ̀kan, bàbá sì ń fi ọwọ́ táátàá nílẹ̀ lókùnkùn, ó ń wá ọwọ́ ọ̀bọ yẹn, ìyá ti ń fa irin ilẹ̀kùn. Ta ló máa kọ́kọ́ rí tiẹ̀? Kì í ṣe ohun tó dẹ́rù bani nìkan, eré ìje ni.

BàbáTíṣà
Ìyẹn dára gan-an. Òun náà jẹ́ iṣẹ́ olobó, torí láti apá àkọ́kọ́ ìtàn ni òfin ẹ̀ẹ̀mẹta ti wà. Títí, tó o bá fẹ́, o lè so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Sájẹ́ǹtì. Ẹni àkọ́kọ́ fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta tọrọ ikú. Kí ni White fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta tiẹ̀ tọrọ?

Títí_SS2
Pé kí Herbert padà sí ibojì?

BàbáTíṣà
Jacobs ò sọ ọ́. Ó ní ó mí ìtọrọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta jáde ni, kíkàn ilẹ̀kùn dákẹ́, ìyá ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni lójú títì. Tó o bá fẹ́ kọ ọ́ pé ikú ló tọrọ fún ọmọ ẹ̀, kọ "ó jọ pé", má kọ ọ́ bí ẹni tó gbọ́ ọ.

Kọ́lá_Ìbàdàn
Ẹ dúró ná. Kò sẹ́ni tó rí Herbert. Ó lè jẹ́ atẹ́gùn ló ń kan ilẹ̀kùn, tàbí aládùúgbò kan. Owó kọ́ńpìnì náà lè kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, olobó wo ló wá kù?

Adéwálé Àlọ́
Aládùúgbò wo ló ń kan ilẹ̀kùn báyẹn lóru, Kọ́lá?

BàbáTíṣà
Ìbéèrè gidi ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kà á báyẹn. Bàbá White fúnra ẹ̀ kọ́kọ́ pè é ní kòńgẹ́ nígbà tí ìyàwó ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó tọrọ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Èmi ò rò pé ó yí iṣẹ́ olobó padà, ìbẹ̀rù wa wà bóyá nǹkan kan wà níta tàbí kò sí. Àmọ́ ẹlòmíì lè sọ pé olobó tí kò ṣẹ dájúdájú kì í ṣe olobó.

Títí_SS2
Sà, mélòó ni kí n wá kọ? Ojú ewé méjì ni wọ́n ní.

BàbáTíṣà
Méjì tó. Ọ̀rọ̀ Sájẹ́ǹtì pẹ̀lú igba pọ́n-ùn ní ojú ewé kìíní, aṣọ àti ilẹ̀kùn ní ìkejì. Fún ìkọ̀ọ̀kan, fa ọ̀rọ̀ inú ìwé yọ ní ṣókí, sọ ìbéèrè tó gbé wá, sọ ohun tí àwọn ará ilé ń rò nígbà náà, kó o wá sọ ibi tí ìdáhùn ti dé. Má sọ ìtàn. Tíṣà ẹ ti kà á.

Ṣẹ́ẹ̀sìBọ́ì
Títí, fi ìlà kan péré sílẹ̀ fún ṣẹ́ẹ̀sì, mo bẹ̀ ẹ́.

Títí_SS2
Ẹ̀gbọ́n, tí àyè bá ṣẹ́kù lábẹ́ ojú ewé kejì, màá fi síbẹ̀ pé ẹni tó bá kà á lẹ́ẹ̀kejì ló máa rí i. Tíṣà wa náà ń ta ṣẹ́ẹ̀sì.

Ṣẹ́ẹ̀sìBọ́ì
"Lẹ́ẹ̀kejì" yẹn ni mi ò fara mọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́.